Lẹ́tà sí ilé ìwé nípa àrùn Króònù: kí ló kù tí mo lè fi kún un?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ẹ bá mi yẹ lẹ́tà yìí wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé ọmọ mi, ọmọ ọdún 12.

Mo kọ́kọ́ ṣàlàyé pé àrùn Króònù máa ń mú kí ìfun wú kó sì dégbò, pé kì í ràn, pé ó máa ń rọlẹ̀ kó tún gbérí. Bí kò bá sí àlàyé yìí, wọ́n á rò pé ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá ń purọ́ lónìí ni.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló gùn jù. Mo ní kó máa jáde láì tọrọ àyè, nítorí bí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, kò lè mú un mọ́ra. Káàdì kékeré ni yóò fi han olùkọ́. Mo tún béèrè àga nítòsí ilẹ̀kùn, àyè fún aṣọ ìpààrọ̀, àti kọ́kọ́rọ́, torí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n tì pa lásìkò ẹ̀kọ́ lè sọ káàdì náà di asán. Bó bá jáde nínú ìdánwò, kí wọ́n fi àkókò náà san án padà.

Ní ti kíláàsì tó ń pàdánù, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń gba oògùn sí iṣan nílé ìwòsàn. Mo ti kọ àwọn ọjọ́ náà sílẹ̀. Fún àìsàn òjijì, mo fẹ́ kí olùkọ́ kan ṣoṣo máa kó iṣẹ́ tó ṣe kókó jọ fún un.

Ọmọ náà kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Báwo ni kí n ṣe kọ ìyẹn, tí olùkọ́ adelé yóò ṣì gbọ́? Ṣé kí n so lẹ́tà dókítà mọ́ ọn?