Bí mo bá ti tẹ E7, ohùn akọrin á fọ́

Ọmọ Dùùrù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Orin wa kan kò ju C, Am, F, G lọ, ó sì ti gbẹ jù létí mi. Odidi oṣù kan ni mo fi kọ́ sẹ́kọ́ńdárì dọ́mínàǹtì àti kọ́ọ̀dù àyálò. Nígbà ìsìn, mo fi E7 sáàárín C àti Am, mo sì fi Fm tẹ̀lé F kí n tó padà sí C. Bí mo ṣe tẹ E7 báyìí, ohùn daru. Aṣáájú wa bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni tó jalè, kò sì sẹ́ni tó kí mi lẹ́yìn ìsìn. Bẹ́ẹ̀ E ni ohùn orin wà níbẹ̀, E sì wà nínú E7!

Oníbéèsì: Ṣé o sọ fún ẹni tó ń ta béèsì? Bó bá gba A kọjá nígbà tí o tẹ Fm, A♭ rẹ lá máa bá a jà.

Adùn Orin: Fi 7 sí gbogbo ẹ̀, C7, F7, G7. Á dùn ni.

Dùùrù Àgbà: Rárá o. C7 ní B♭, F ló sì ń fa etí lọ. Bí Am ló kàn, kò bá a mu. Àbúrò, kí ni álítò ń kọ níbẹ̀?

Adùn Orin: Nínú bulúùsì, 7 ni gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún un gbọ́.

Ìyá Akọrin: Ẹ̀yin onídùùrù! Nígbà tí tiwa bẹ̀rẹ̀ irú èyí, èmi álítò panu mọ́ láàárín orin, mo rò pé ohùn mi ló ti bàjẹ́. Ẹnìkan kò sọ fún wa.

Ọmọ Dùùrù: Ẹ má bínú, mà. Álítò di G mú títí di Am, kí wọ́n tó gun A. Mi ò kà á sí, sopuránò ni mò ń tẹ̀lé.

Dùùrù Àgbà: Ibẹ̀ gan-an ni! E7 ní G♯, ó sì ń gbún G wọn. Jẹ́ kí álítò kọ G, G♯, A, kí wọ́n máa gùn díẹ̀díẹ̀. Láìsí dùùrù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́, títí yóò fi wọ̀ wọ́n létí. Bí ààyè kò bá sí, tẹ Em7, ó ní G. Kò ní fà bí E7, àmọ́ ohùn ò ní fọ́.

Oníbéèsì: G lè jókòó sókè G♯, E7♯9 nìyẹn. Mo máa ń gbọ́ ọ, ó dùn.

Dùùrù Àgbà: Ó dùn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Akọrin tí kò gbọ́ ọ rí á yẹ̀.

Ọmọ Dùùrù: Ìdánrawò wa kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, n ó tẹ Em7 ná. Fm ńkọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé tẹ́nọ̀ di A mú níbẹ̀.

Dùùrù Àgbà: Kí àwọn náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ: A lórí F, A♭ lórí Fm, G lórí C.

Oníbéèsì: Béèsì ńkọ́? O ò tíì dá mi lóhùn.