Ọjọ́ tó pọ̀ jù láàárín ìwé méjì: bí a ṣe fẹ́ ra ṣíà bọ̀ọ̀dá wa padà

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo. Àwa mẹ́ta la ni kọ́ńpìnnì ìtọ́jú arúgbó kan níbí. Ṣíà 1,000 ni, £50 la sì fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Tèmi jẹ́ 400, ti àǹtí wa 300, ti bọ̀ọ̀dá wa 300. Bọ̀ọ̀dá ti padà sílé, wọ́n ń kọ́lé ní Ògo-Olúwa, wọ́n sì fẹ́ kí kọ́ńpìnnì ra ṣíà wọn ní £60,000. Èrè tá a lè fi san án kò ju £42,000 lọ, kápítà, ìyẹn owó tá a fi dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ló máa gbé £18,000 tó kù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a jẹ́ dàrẹ́kítọ̀ buwọ́ lu ìwé pé kọ́ńpìnnì lè san gbèsè rẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Àǹtí ò tètè dá wa lóhùn lórí ìpinnu tí àwa tá a ní ṣíà fi fọwọ́ sí ríra náà, ó di ọjọ́ 24 kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Akáńtáǹtì wa ní kò sí wàhálà. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ọmọ Olúayé, Lídìsì
Kò sí wàhálà, mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 400 ti ju ìdajì lọ nínú 700. Ẹni tó ń ta ṣíà ò dìbò. Ó ti parí.

Bàbá Ọ̀ṣun, Lọ́ńdọ̀nù
Àbúrò, ọ̀rọ̀ ìdajì yẹn tọ̀nà fún àdéhùn ríra. Ṣùgbọ́n tí kápítà bá ti wọ̀ ọ́, ìpinnu pàtàkì ni òfin kọ́ńpìnnì ti 2006 níbí ń béèrè: ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 700, 525 nìyẹn. 400 ò tó o. Láìsí àǹtí, kò lè ṣeé ṣe.

Ìyá Ìbejì, wàhálà wà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ buwọ́ lu ìwé agbára gbèsè náà, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ni ìpinnu gbọ́dọ̀ wáyé. Tiyín gba ọjọ́ 14. Tẹ́ ẹ bá sanwó báyìí, ríra náà ò dúró lábẹ́ òfin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ yí ọjọ́ orí ìwé padà. Ẹ kọ ìwé tuntun.

Àlàájì, Bámínhámù
Èmi náà ní ṣíà báńkì kan nílé, láti ayé bàbá mi. Ṣé wọ́n á rà á lọ́wọ́ mi?

Bàbá Ọ̀ṣun, Lọ́ńdọ̀nù
Àlàájì, tiyín yàtọ̀. Ẹ kàn sí alágbàtà ṣíà nílé, ọjà ni wọ́n á bá yín tà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Ká ní ẹ buwọ́ lu ìwé tuntun ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, tí ìpinnu sì wáyé ní ọjọ́ 8. Kí ọjọ́ 15 tó kọjá, ìkéde gbọ́dọ̀ jáde nínú Gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, àti nínú ìwé ìròyìn tó kárí ìlú, tàbí kẹ́ ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àwọn tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè ní, tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí kóòtù láti tako ríra náà. Ẹ ò lè sanwó ṣáájú ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 26. Ìwé ọ́dítọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lára ìwé yín, bí kọ́ńpìnnì yín tilẹ̀ kéré tí kì í ní ọ́dítọ̀ lọ́dọọdún.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà
Ẹ ṣeun, sà. Òótọ́ tí àǹtí fi ń lọ́ra nìyí: kọ́ńtíráàtì tí káńsù fún wa máa tán ní oṣù mẹ́sàn-án sí i, a ò sì mọ̀ bóyá wọ́n á tún un ṣe. Àǹtí ní àwọn ò lè tún ìwé kankan buwọ́ lù.

Bàbá Ọ̀ṣun, Lọ́ńdọ̀nù
Àǹtí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tẹ́ ẹ ń sọ nínú ìwé yẹn ni pé ẹ ti wádìí dáadáa, pé lọ́jọ́ tówó bá jáde kọ́ńpìnnì ṣì lè san gbèsè rẹ̀, àti pé fún odidi ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ, á sì máa san gbèsè bó bá ṣe ń pé. Oṣù kẹsàn-án wà nínú ọdún yẹn. Ẹ jókòó, ẹ kọ owó tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde lóṣooṣù fún oṣù 12, kẹ́ ẹ sì yọ owó káńsù kúrò láti oṣù kẹwàá. Tówó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bá ti há níbẹ̀, ẹ má buwọ́ lù ú. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti buwọ́ lù ú láìnídìí. Tí kọ́ńpìnnì bá sì wó láàárín ọdún kan tẹ́ ẹ sanwó, wọ́n lè ní kí bọ̀ọ̀dá dá owó kápítà padà láti Òṣogbo, kẹ́yin dàrẹ́kítọ̀ náà sì dá sí i.

Ọ̀nà kan wà. Owó ṣíà kan jẹ́ £200. Ẹ fi £42,000 ra 210 ní báyìí. Èrè nìkan ló gbé e, ìwé agbára gbèsè ò pọn dandan, ẹ ò sì ní dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ ra 90 tó kù nígbà tí èrè bá tún wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀mù SH03 ròyìn ríra náà láàárín ọjọ́ 28, ẹ fi fọ́ọ̀mù SH06 ròyìn ṣíà tẹ́ ẹ pa rẹ́, kẹ́ ẹ sì san owó òǹtẹ̀ ìjọba, ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún: £210.

Ọmọ Olúayé, Lídìsì
Ẹ rí i, mà! Lọ́nà yìí, 400 yín tó.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà
Ó tó, àbúrò, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gba orí àǹtí kọjá. Mo ti pe bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní páánù òrùlé ń dúró dè wọ́n, odidi £60,000 làwọn ń fẹ́. Mo máa tún pè wọ́n lọ́la.