Wákàtí mélòó lẹ fi ń gun òkè gígùn lórí kẹ̀kẹ́? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará mi. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣírò àkókò tí mo máa fi gun òkè kan tó sì kùnà pátápátá, kí ẹ̀yin náà sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Ọdún kejì sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi lọ sí Faransé torí mo fẹ́ gun Mont Ventoux láti ìlú Bédoin. Bédoin wà ní nǹkan bí 300 mítà sí ojú òkun, téńté orí òkè náà jẹ́ bíi 1,910, ìyẹn ni pé 1,610 mítà ni mo máa gòkè, láàárín kìlómítà 21 àti díẹ̀. Ìyàwó mi máa gbé mọ́tò lọ dúró dè mí lókè pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì mi, ó wá bi mí pé aago mélòó ni kí òun máa retí mi. Mo lọ wo àkókò tí mo fi ń gun Box Hill ní Surrey, ibi tí gbogbo wa máa ń lọ ní Sátidé. Ìṣẹ́jú 9 ni mo fi ń gùn ún, gíga rẹ̀ sì tó 120 mítà. Ìyẹn jẹ́ 800 mítà ní wákàtí kan. Mo pín 1,610 sí 800, ó fún mi ní wákàtí 2, mo ní tí mo bá gbéra ní aago 8, aago 10 màá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ.

Aago 11 ti kọjá ìṣẹ́jú kan kí n tó dé. Ìyàwó mi ti ń sunkún. Atẹ́gùn orí òkè yẹn ò ṣeé dúró sí, fóònù mi wà nínú àpò mi ò gbọ́, ó ti bi gbogbo ẹni tó ń dé bóyá wọ́n rí ọkùnrin dúdú kan lọ́nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Kìlómítà 6 àkọ́kọ́ rọrùn, òkè ibẹ̀ ò ju bíi 4 pásẹ́ǹtì lọ, ìyẹn mítà 4 sókè nínú 100 mítà tó o bá rìn, títí dé kọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní Saint-Estève. Mo gòkè 250 mítà níbẹ̀, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú 28. Mo wo kọ̀ǹpútà orí kẹ̀kẹ́ mi, mo rí 536 mítà ní wákàtí kan, àyà mi já, mo ní háà, mo ti pẹ́, 800 ni mo ṣèlérí. Bí mo ṣe wọ inú igbó nìyẹn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, torí pé mo fẹ́ fi dí ohun tí mo pàdánù. Igbó yẹn sì ni 9 pásẹ́ǹtì, kò sinmi rárá, bíi 880 mítà ní gíga kó o tó yọ sí Chalet Reynard. Ìdajì àkọ́kọ́ mo fi ìṣẹ́jú 36 gùn ún, ìdajì kejì gba ìṣẹ́jú 56. Ní Chalet Reynard mo jókòó fún ìṣẹ́jú 8, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, àwọn 480 mítà tó kù wá gba ìṣẹ́jú 53. Níbi òkúta ìrántí Tom Simpson, eléré kẹ̀kẹ́ tó kú lórí òkè yẹn ní 1967, mo kàn ń wò ó ni, mi ò lè yọ ọwọ́ mi kúrò lórí irin.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣírò tiyín?

Ará Ẹfọ̀n:
Pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ewu. Ọ̀rọ̀ òkè yìí, àwa tá a wà ní Ẹfọ̀n Aláayè mọ̀ ọ́n dáadáa. Kẹ̀kẹ́ tèmi, tí mo bá kó èrò mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù, gíà 1 ni mo máa fi gun òkè, ẹ́ńjìnnì á gbóná, màá dúró kó tutù. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, kíá ni. Ẹ̀yin ṣírò iye èrò tẹ́ ẹ kó kẹ́ ẹ tó gbéra?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà ni mò ń sọ, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Marúwá. Ẹsẹ̀ mi ni ẹ́ńjìnnì 😀

Ará Ẹfọ̀n:
Ẹsẹ̀ ni?! Wákàtí 3! Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun.

Bọ̀dá Gíà:
Èmi rò pé ẹ ń dààmú ara yín ni. Strava máa ń kọ VAM sí abẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan tó o bá gùn, mítà tó o gòkè ní wákàtí kan nìyẹn. Tèmi jẹ́ 700. Mo gun Alpe d'Huez, ó tó 1,100 mítà, mo pín in sí 700, ó ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 34, mo sì dé ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 35. Gbogbo òkè ni mo máa ń ṣe é fún, mi ò tiẹ̀ ń wo pásẹ́ǹtì kankan. Mú gíga, pín in sí VAM, ó parí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin:
Bọ̀dá Gíà, ohun tẹ́ ẹ sọ ṣiṣẹ́ fún Alpe d'Huez torí pé òkè yẹn dọ́gba, 8 pásẹ́ǹtì ló sábà máa ń wà láti ìsàlẹ̀ dókè, yàtọ̀ sí ibi kọ́nà 21 yẹn tó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé 700 yẹn lọ sí òkè tó jẹ́ 4 pásẹ́ǹtì, kò ní bá a mu. Níbi tí òkè bá ti rọra ń gòkè, kẹ̀kẹ́ á máa sáré, atẹ́gùn á máa gba lára agbára yín, bí táyà ṣe ń ha títì náà á gba tiẹ̀, èyí tó kù ló máa gbé yín sókè. Níbi tó bá ga ní 9 pásẹ́ǹtì, kẹ̀kẹ́ ò sáré, atẹ́gùn ò rí nǹkan púpọ̀ gbà, ọ̀pọ̀ jù lọ agbára yín ló ń lọ sí gíga. Agbára kan náà ni o, VAM ló yàtọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ibi tí wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ ò lọ́ra ní Saint-Estève rárá. 536 níbi 4 pásẹ́ǹtì dára fún ẹsẹ̀ yín, nọ́ńbà yẹn ló tàn yín jẹ. Ìṣírò kan wà tí èmi máa ń lò, ti dókítà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Michele Ferrari ni, wọ́n fòfin dè é títí láé ní 2012 nítorí ọ̀rọ̀ oògùn àwọn eléré, ṣùgbọ́n ìṣírò náà ṣì ń ṣiṣẹ́:

```
VAM = (200 + 10 × %) × W/kg
```

W/kg ni wáàtì tí ẹsẹ̀ yín ń mú wá fún kílò kọ̀ọ̀kan ara yín. Níbi 4 pásẹ́ǹtì, 240 lẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀, níbi 9, 290. Tí ẹ bá pín 536 sí 240, ó jẹ́ 2.2. Nínú igbó, ìdajì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú 36 gùn jẹ́ 733, ẹ pín in sí 290, ó ju 2.5 lọ. Ẹ ti kúrò lórí ohun tẹ́ ẹ lè bá lọ fún wákàtí 3 nìyẹn. Ìdajì kejì, 471, jẹ́ 1.6 péré. Ẹ̀ẹ́ rí i?

Ọ̀rọ̀ Box Hill náà rèé. Ìṣẹ́jú 9 ni. Ohun tí èèyàn lè ṣe fún ìṣẹ́jú 9, kò lè ṣe é fún wákàtí 3. Ẹ wá òkè tó máa gbà yín ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ fi bíi 5 pásẹ́ǹtì yọ kúrò nínú ẹ̀ torí gígùn.

Ìyá Ìbejì Maryland:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ Ventoux ṣùgbọ́n mo jẹ irú ìyà yìí lórí Skyline Drive ní Virginia. Mo gbéra láti Front Royal, mo ṣe àròpọ̀ gbogbo mítà tí áàpù sọ pé màá gòkè, mo pín in sí VAM mi, mo ní aago 2 ọ̀sán màá ti parí. Mi ò rántí pé títì yẹn máa ń gòkè máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni, àkókò tí mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ mi ò kà á, ibi tó tẹ́jú mi ò kà á. Omi mi ti tán kí n tó dé ibi tí mo lè bu òmíràn. Ní báyìí ibi tó ń gòkè nìkan ni mo máa ń fi VAM ṣírò, ìyókù màá fi kìlómítà ṣe é.

Nǹkan míì tún wà, kọ̀ǹpútà mi máa ń wọn gíga láti ara ìtẹ̀sí atẹ́gùn, tí òjò bá ń bọ̀ á máa purọ́. Ọjọ́ kan mo dúró sójú kan jẹun, ó ní mo ti gòkè 15 mítà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin:
Òótọ́ lẹ sọ, màámi. Lórí Ventoux, àwọn òkúta àmì ẹ̀gbẹ́ títì ni kẹ́ ẹ máa wò, gíga ibẹ̀ wà lára wọn. Òkúta kì í yí nọ́ńbà padà tí òjò bá ń bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon:
Ẹ jẹ́ n parí ìtàn mi, torí ohun tí Ẹlẹ́sẹ̀ Irin sọ yìí ni ẹnì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà. Mo wa mọ́tò lọ sí Great Dun Fell lápá àríwá Ìlú Ọba, títì ọ̀dà ibẹ̀ ló ga jù ní England. Mo gòkè bíi 620 mítà ní ìṣẹ́jú 58, láìpariwo, láìsáré, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 640 ní wákàtí kan. Mo yọ 5 pásẹ́ǹtì, ó ku bíi 609, mo sì fi 290 pín in, ó fún mi ní 2.1.

Kí n tó padà lọ gun Ventoux, mo pín in sí mẹ́ta. Apá ìsàlẹ̀, 240 lọ́nà 2.1 jẹ́ 504, 250 mítà máa gba ìṣẹ́jú 30. Inú igbó, 609, 880 mítà máa gba ìṣẹ́jú 87. Láti Chalet Reynard sókè jẹ́ nǹkan bí 8 pásẹ́ǹtì, 588, 480 mítà máa gba ìṣẹ́jú 49. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó má retí mi ṣáájú wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45, kó má sì bẹ̀rù títí wákàtí 3 fi pé.

Mo tún pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn. Ti tẹ́lẹ̀, eyín 34 níwájú, 28 lẹ́yìn, níbi 9 pásẹ́ǹtì tí mò ń lọ ní bíi kìlómítà 7 ní wákàtí, ẹsẹ̀ mi ò lè yí ju ìgbà 44 tàbí 45 ní ìṣẹ́jú kan, orúnkún mi ló ń san gbèsè ẹ̀. Mo fi 34 sẹ́yìn, ó wá ń yí bíi 54.

Nígbà tí mo dé Saint-Estève ní ìṣẹ́jú 30, tí mo rí 500 lórí kọ̀ǹpútà, mo kàn ń bá tèmi lọ. Chalet Reynard, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 57, bí mo ṣe kọ ọ́ sára téèpù irin ọwọ́ gẹ́lẹ́. Òkè pátápátá ni ìjì ti lù mí, ibẹ̀ gba ìṣẹ́jú 53 dípò 49. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 50. Ìyàwó mi ń ya fọ́tò nígbà tí mo yọ.

Bọ̀dá Gíà:
Ó dáa, mo gbà fún yín lórí pásẹ́ǹtì. Àmọ́ atẹ́gùn yẹn ńkọ́? Ìṣírò yín ò mọ̀ pé ìjì wà lókè. Òkè níbẹ̀ ò ní igi kankan, òkúta funfun nìkan ló wà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin:
Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Èmi máa ń fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 kún apá yẹn tí wọ́n bá ní mistral máa fẹ́, ṣùgbọ́n àbá lásán ni, títì yẹn ń yí kiri, ìjì lè tì yín lẹ́yìn ní kọ́nà kan kó kọjú sí yín ní èkejì.

Ará Ẹfọ̀n:
Ẹ̀yin ò tíì dá mi lóhùn lórí ẹrù o.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin:
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín bọ́gbọ́n mu jù. Bíi kílò 90 ni èèyàn àti kẹ̀kẹ́ papọ̀, tẹ́ ẹ bá fi kílò 3 kún un, omi àti aṣọ, àkókò máa fi bíi 3 pásẹ́ǹtì pọ̀ sí i, ó tó ìṣẹ́jú 5 lórí Ventoux.

Ìyá Ìbejì Maryland:
Ìṣẹ́jú 5 fún omi, màá san án. Omi ò ṣeé fi sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon:
Ọdún yìí mo fẹ́ gùn ún láti Malaucène. Wọ́n ní gíga rẹ̀ ò jìnnà sí ti Bédoin, ṣùgbọ́n kò dọ́gba, á ga, á rọlẹ̀, á tún ga. Ṣé kí n pín in sí mẹ́ta ni àbí kí n ṣe é ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ rí kó dá mi lóhùn.