Ọdún méjì ni mo ti ń bó iṣu: báwo ni mo ṣe lè di igbákejì ṣẹ́ẹ̀fù?

Akọ́ṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí ààrò. Ọmọ ọdún 22 ni mí, òtẹ́ẹ̀lì kan níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ nílé ìdáná ni mí: mò ń bó iṣu, mò ń rẹ́ àlùbọ́sà, mò ń ṣa ẹ̀fọ́, mo sì ń fọ ìkòkò. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa pé ọdún méjì.

Igbákejì ṣẹ́ẹ̀fù wa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Àbújá. Mo bá lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n dán mi wò síbẹ̀. Wọn ò bínú sí mi. Wọ́n kàn bi mí pé: "Tí èèyàn 80 bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá jẹ pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀, kílò ẹja mélòó lo máa ní kí n rà?" Ẹnu mi wọhò. Wọ́n ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ tí n kò mọ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní láìsí ìwé-ẹ̀rí, kò sẹ́ni tó máa fún mi nípò yẹn. Ṣé kí n lọ sílé-ẹ̀kọ́ ni, àbí kí n dúró?

Ìyá Bísí Olóúnjẹ:
Ọmọ mi, ọwọ́ ni iṣẹ́ oúnjẹ, kì í ṣe ìwé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń se oúnjẹ ìnáwó, n kò jókòó ní kíláàsì rí. Kọ́ ọbẹ̀ gbogbo: gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀gúsí, ayamásẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ dùn débi pé tí wọ́n bá tọ́ ọ wò, wọ́n á béèrè ẹni tó sè é. Bí ọwọ́ rẹ bá ti dùn, fúnra wọn ni wọ́n á fà ọ́ sókè.

Bàbá Ìbejì:
Má ṣe jẹ́ kí ìyẹn pa ọ́ lẹ́kún. Gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́. Bí ọmọbìnrin mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìkòkò ìrẹsì kan àti ìkòkò ẹ̀wà kan. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù méjì báyìí. Àdúgbò wo lo ń wò?

Akọ́ṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ọlọ́run á tún máa bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ipò igbákejì ṣẹ́ẹ̀fù nílé iṣẹ́ ni mo fẹ́ dé.

Ṣẹ́ẹ̀fù Àlàbá, Ìbàdàn:
Àbúrò, ọ̀gá rẹ ti fi ọ̀nà hàn ọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ yẹn ni iṣẹ́ igbákejì ṣẹ́ẹ̀fù gan-an. Ẹni tó mọ oúnjẹ sè pọ̀ nílé ìdáná. Igbákejì ni ẹni tó lè di ilé mú lọ́jọ́ tí ọ̀gá ò sí: kí ọjà má ṣàìtó, kí ó má bàjẹ́, kí abọ́ 80 jọra wọn.

Jẹ́ ká ṣe é papọ̀. Ká ní gíráàmù 250 ẹja tútù ló ń wọ abọ́ kan. Abọ́ 80 á gba kílò 20. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú, wọ́n á lọ ra kílò 20. Ṣùgbọ́n ẹja tí a ti tún ṣe ni kílò 20 yẹn, ọjà kì í sì í ta ìyẹn fún ọ. Ìfun á jáde, ẹ̀jẹ̀ á lọ, a ó gé ohun tí kò wọ abọ́ dànù. Ká ní kílò 10 máa ń ku 8. Pín 20 sí 0.8, kílò 25 ló jẹ́. Tó bá jẹ́ kílò 20 lo rà, abọ́ 64 péré ló máa jáde, èèyàn 16 á jókòó ti síbí òfìfo.

Owó náà ń tẹ̀ lé e. Ká ní ₦4,000 ni kílò kan. O máa rò pé ẹja ₦1,000 ló wà nínú abọ́. Irọ́ ni, ₦1,250 ni, torí owó ohun tí a dà nù wà lórí èyí tó kù. Bí o bá fi ₦1,000 ṣírò iye tí ẹ máa tà á, abọ́ 80 ti mú ₦20,000 lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sẹ́ni tó jí i.

Nítorí náà, wá ìwọ̀n. Ọjọ́ tí ẹja bá wọlé, wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá tún un ṣe tán, kọ méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún adìẹ, ẹran ewúrẹ́ àti iṣu tó ò ń bó yẹn. Láàárín oṣù mẹ́ta, o ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù ò ní.

Ní ti ìwé-ẹ̀rí, ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́ tán. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó pe èèyàn. Ìwé NABTEB ti oúnjẹ sísè ṣeé ṣe láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má retí láti bọ́ sípò igbákejì láti ibi tí o wà. Kọ́mì ló kàn, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀fù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ìdí kan lé ọ lọ́wọ́, bóyá ìdí ọbẹ̀ tàbí ìdí dídín. Èmi lo ọdún 6.

Ìyá Bísí Olóúnjẹ:
Ojú ni mo fi ń wo ẹja tèmi, kò ṣàìtó mi rí.

Ṣẹ́ẹ̀fù Àlàbá, Ìbàdàn:
Òótọ́ lẹ sọ, Mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gé e, ojú yín ti di ìwọ̀n. Nílé iṣẹ́ tiwọn, èèyàn mẹ́ta ló ń gé e, ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì rí bákan náà.

Adúnní Alásè:
Ohun tó le jù fún mi kì í ṣe ìṣirò. Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà tí wọ́n fi ìdí ọbẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ẹni tí mo máa pàṣẹ fún sì dàgbà tó ìyá mi. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ níwájú wétà? Mo máa ń sún mọ́ wọn, màá ní "Mà, ẹ bá mi tọ́ eléyìí wò." Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tún un ṣe fúnra wọn. Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ tí àwọn oníbàárà béèrè bá ti tò jọ lọ́jọ́ Sátidé, kò sí àyè fún ìyẹn, mo sì ti pariwo mọ́ wọn rí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Títí dòní, n kò mọ ohun tí ǹ bá ti ṣe.

Ṣẹ́ẹ̀fù Àlàbá, Ìbàdàn:
Ìyẹn ò yé èmi náà tán, Adúnní.

Akọ́ṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin àgbà mi, mo ti padà dé. Mo bẹ ọ̀gá, wọ́n jẹ́ kí n wọn ẹja àná. Kílò 6 ló wọlé, 4.7 ló kù. Ó yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo rí i pé méjì nínú wọn kún fún ẹyin. Ó yẹ kí abọ́ 18 jáde, 17 la rí. Mo wọn àwọn ègé náà, èyí tí mo gé fúnra mi ló tóbi jù, gíráàmù 280 ni òmíràn.

Pẹ̀lú ẹja tiwa, kílò 25 ò ní tó èèyàn 80 yẹn, ó fẹ́ tó 26. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi han ọ̀gá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n tún un wọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì, kí n sì gé gbogbo rẹ̀ fúnra mi.