Ìpá bàbá mi kọ̀, kò wọlé mọ́ láti òru, ṣùgbọ́n ó yàgbẹ́ láàárọ̀: ṣé a lè dúró?

Adétutù
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹni ọdún 67 ni bàbá mi. Ó ti tó ọdún 5 tí ìpá ti wà lára wọn lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Tí wọ́n bá dìde tàbí tí wọ́n bá wúkọ́, á yọ. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, á wọlé fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí aago 11 alẹ́ àná, kò wọlé mọ́. Ó le gbagidi, wọn ò sì fẹ́ kí aṣọ kàn án. Wọ́n bì lẹ́ẹ̀mejì lóru. Ṣùgbọ́n wọ́n yàgbẹ́ díẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ìfun àwọn kò há. Ó ku ọ̀sẹ̀ 2 kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wọn pé. Ṣé a lè dúró dè é?

Bàbá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí 2 sábẹ́ ìdí wọn, kí wọ́n ká orúnkún kò. Ẹ rọra fọwọ́ tì í wọlé. Tó bá kọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì ìpá dè é kó má baà tún yọ.

Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ
Adétutù, ẹ má dúró. Ẹ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí, kí ẹ máa ka ìyókù lójú ọ̀nà. Kí wọ́n má jẹun, kí wọ́n má mu omi, kí wọ́n má sì lo oògùn tó ń múni yàgbẹ́.

Bàbá Ìbejì, ìdùbúlẹ̀ tí ẹ sọ yẹn dára fún ìpá tó yọ tí kò dunni. Ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni ewu wà. Ìpá tó le, tó ń dunni, tí èébì sì tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kó ti fún ìfun lọ́rùn. Ojú ihò tí ìfun gbà jáde ti há mọ́ ọn. Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà kò le tó èyí tó ń gbé e wá, òun ló kọ́kọ́ ń dí. Ẹ̀jẹ̀ á máa wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, ìfun á wú, wíwú náà á tún mú kí ojú ihò há sí i, títí ẹ̀jẹ̀ tuntun kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí bíi mélòó kan, ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tí ẹ bá fi agbára tẹ ìfun tó ti ń kú wọnú ikùn, kókó á pòórá lójú, ọkàn yín á balẹ̀, ìfun á sì lu sínú ikùn. Nígbà mìíràn, àpò ìpá náà á bá a wọlé lódindi, ojú ihò tó fún un á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Bẹ́líìtì lórí ìpá tí kò tíì wọlé tún burú jù ú lọ.

Adétutù
A ti wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tí wọ́n yà ńkọ́?

Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ
Ìgbẹ́ tó ti wà nísàlẹ̀ ibi tó há kò ní ohun tó ń dí i lọ́nà, ó lè jáde lẹ́yìn tí ìfun ti há. Ohun kejì ni pé nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ìfun ni ihò máa ń gbámú. Oúnjẹ àti ìsó á máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, ikùn kò ní wú, ẹ̀gbẹ́ tó há sì ń kú lọ. Nítorí náà, kí ẹ má fi ìgbẹ́ wọ̀n ọ́n. Kókó tó kọ̀ láti wọlé pẹ̀lú ìrora tuntun ti tó. Bí ẹ bá dúró kí awọ ibẹ̀ pọ́n tàbí kó dúdú, kí ibà dé, kí ọkàn máa lù kìkì, ó ti pẹ́.

Ẹ sọ aago tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà, àti gbogbo oògùn tí bàbá ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ìyá Tòmíwá
Ìdodo ọmọ mi ọdún 1 náà máa ń yọ tó bá ń sunkún. Ṣé kí n gbé e lọ lónìí ni?

Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ
Rárá, tó bá rọ̀, tó ń wọlé, tí ọmọ sì ń jẹun. Ìdodo ọmọdé sábà máa ń dí fúnra rẹ̀ kí ó tó pé ọdún 4 tàbí 5. Ẹ má fi ohunkóhun dè é. Ti ìtòsí itan ọmọ ni kì í dí fúnra rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ tètè gbé lọ.

Adétutù
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní ìfun dúdú díẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ bò ó, àwọ̀ rẹ̀ padà, wọn kò gé e. Ṣùgbọ́n wọn kò fi àwọ̀n sí i, rírán ni wọ́n rán an. Ṣé kò ní padà wá?

Kọ́lá
Iṣẹ́ àbọ̀ ni wọ́n ṣe. Gbogbo ìpá ló yẹ kí wọ́n fi àwọ̀n sí.

Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ
Kọ́lá, òótọ́ ni pé àwọ̀n ló ń dín pípadà wá kù jù fún àgbàlagbà nígbà tí iṣẹ́ abẹ kì í ṣe pàjáwìrì. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé ibi tó rọ̀, á kọjá etí ihò yíká, ara á hù wọnú rẹ̀. Wọ́n lè gba ojú ọgbẹ́ kan lórí ibẹ̀, àní pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan. Wọ́n sì lè gba ihò kéékèèké 3 pẹ̀lú kámẹ́rà. Ìyẹn sábà ń béèrè pé kí wọ́n kun aláìsàn lóorun.

Tí ìfun bá kú tàbí tó lu, kòkòrò ti dé ibẹ̀. Àwọ̀n tí kòkòrò bá wọ̀ lè máa ṣọyún títí wọ́n á fi yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi okùn rán ìpele ẹran ara léra wọn. Ìfun bàbá yìí kò kú. Oníṣẹ́ abẹ mìíràn ì bá fi àwọ̀n sí i.

Kọ́lá
Nítorí náà ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìfun tó padà sí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ibi ìdọ̀tí.

Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ
Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rí omi tó wà nínú àpò ìpá náà ló lè dá a. Èmi kò ní dá wọn lẹ́bi.

Àjàní
Tèmi máa ń wọlé, kò dùn mí rárá. Ẹ̀rù ti bà mí báyìí. Ṣé kí n sáré lọ ṣe é?

Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ
Ẹ rí dókítà, kì í ṣe ní ìsáré. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2006 nípa irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fi hàn pé kò tó 2 nínú 1,000 lọ́dún kan tí tiwọn há. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn ṣe é nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ẹ má fi èyí dá obìnrin lóhùn o: lára wọn ni èyí tó ń yọ nísàlẹ̀ díẹ̀, sí orí itan, ti wọ́pọ̀ ju lára ọkùnrin lọ, ihò ibẹ̀ kò fẹ̀, ó sì ń yá há ju ti òkè lọ.

Adétutù, kí bàbá máa rìn díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n má gbé ẹrù wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí ẹ sì tọ́jú ikọ́ àti ìgbẹ́ líle, torí pé àwọn méjèèjì ló ń já okùn rírán. Tí kórópọ̀n bá wú díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ìpá tó padà. Tí wọn ò bá lè tọ̀, tí ikùn bá ń wú, tàbí tí èébì bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ dá wọn padà lọ́jọ́ náà, torí ìfun tí àwọ̀ rẹ̀ padà ṣì lè lu lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.