Ilẹ̀ tí bàbá kò dárúkọ nínú ìwé ìhágún, ta ló ni ín?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Bàbá wa kú sí Èkó, màmá wa ti ṣáájú wọn lọ. Wọ́n fi ìwé ìhágún sílẹ̀, èmi àti àbúrò wọn ọkùnrin ni wọ́n yàn láti mú un ṣẹ. Ilé tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n fún àbúrò mi obìnrin. Mílíọ̀nù 4 náírà, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Ọkọ̀ Kámírì wọn, wọ́n fún àbúrò wọn yìí. Wọ́n wá kọ ọ́ pé: "Gbogbo ohun ìní mi tó bá ṣẹ́kù, kí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in dọ́gbadọ́gba."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ìwé yẹn ni wọ́n tó ra ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú. Àbúrò bàbá ní ilẹ̀ tí wọn ò dárúkọ, ilẹ̀ ẹbí ni. Wọ́n tún ní kí n san owó Kámírì tí bàbá ti tà kí wọ́n tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà náà ti kú ṣáájú bàbá, ó fi ọmọ kéékèèké méjì sílẹ̀. Gbèsè báǹkì sì wà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Aláṣọ
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iye ìyàwó tí bàbá ní ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ìdí igi la fi ń pín ogún nílẹ̀ Yorùbá. Bí ìjà bá dé, kí ẹ pín in ní orí-ò-jorí.

Lọ́yà Òkè-Àdó
Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ fún ẹni tó kú láìkọ ìwé ìhágún. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962 dá lórí ìdí igi àti orí-ò-jorí yìí. Ṣùgbọ́n bàbá yìí kọ ìwé, ohun tí wọ́n kọ la óò tẹ̀ lé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ Ìkòròdú kì í ṣe ti ẹbí. Ọjọ́ tí ẹni tó kọ ìwé ìhágún bá kú ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ohunkóhun tí bàbá ní lọ́jọ́ ikú tí wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni, inú "tó bá ṣẹ́kù" ló bọ́ sí. Ìdí tí lọ́yà fi máa ń kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé nìyẹn. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, ilẹ̀ náà ì bá dà bí ti ẹni tí kò kọ ìhágún rárá, ọ̀rọ̀ tí Ìyá Aláṣọ sọ ì bá sì lè wọlé.

Ti Kámírì, ó ti lọ nìyẹn. Nǹkan kan pàtó ni wọ́n fún àbúrò wọn. Bí nǹkan yẹn kò bá sí nílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ ikú, ẹ̀bùn náà ti parẹ́, owó kì í rọ́pò rẹ̀ àfi tí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Mílíọ̀nù 4 ti ẹ̀gbọ́n bàbá yàtọ̀, owó lásán ni, a óò yọ ọ́ nínú ohun tó bá wà.

Bàbá Adé
Lọ́yà ti sọ ọ́. Ìpín ẹ̀gbọ́n tó kú ńkọ́? Ẹ̀bùn tí a fún ẹni tó ṣáájú ẹni tó kọ ìwé kú, ó ti ṣòfò. Àwọn méjì tó kù ni kó pín in.

Lọ́yà Òkè-Àdó
Bàbá Adé, pé ẹ̀bùn ti ṣòfò, òfin nìyẹn fún ará àti ọ̀rẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá ló ṣáájú wọn kú, mílíọ̀nù 4 yẹn ì bá padà sínú àṣẹ́kù. Ọmọ bíbí inú yàtọ̀: bí ọmọ bá kú ṣùgbọ́n tó fi ọmọ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ náà ṣì wà láàyè nígbà tí bàbá àgbà kú, ẹ̀bùn kì í ṣòfò, àyàfi tí ìwé bá sọ ohun mìíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ìpín náà kì í bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ní tààrà. Inú ogún ẹ̀gbọ́n tó kú ló ń wọ̀, bíi pé ó kú lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní gbèsè lọ́rùn rẹ̀ lè béèrè, ìyàwó rẹ̀ náà lè ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ẹni tó gba àṣẹ láti bójú tó ogún ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ kó o fún, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Ẹ má kó o fún ẹni tó kàn ń tọ́jú àwọn ọmọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ ṣeun gan-an. Owó tó wà ní báǹkì jẹ́ mílíọ̀nù 9, ṣíà tí bàbá ní nínú ilé-iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 4, wọ́n sì fojú bu ilẹ̀ Ìkòròdú sí mílíọ̀nù 18. Gbèsè jẹ́ mílíọ̀nù 4, ìsìnkú 3, owó kóòtù àti ti lọ́yà 2.

Lọ́yà Òkè-Àdó
Gbogbo àṣẹ́kù jẹ́ mílíọ̀nù 31. Ìsìnkú, owó kóòtù àti gbèsè ló ń ṣáájú, inú àṣẹ́kù la ti ń yọ wọ́n kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni. Ìyẹn mílíọ̀nù 9. Ẹ yọ mílíọ̀nù 4 ti ẹ̀gbọ́n bàbá, ó ku 18, mílíọ̀nù 6 sì ni fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: owó báǹkì àti ṣíà jẹ́ 13, ohun tí ẹ máa san náà jẹ́ 13. Ilẹ̀ nìkan ló kù láti pín. Bí ṣíà bá já wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà á, owó kò ní pé. Nítorí náà, ẹ má tíì pín nǹkan kan títí tí ẹ fi mọ gbogbo gbèsè. Òfin fún yín ní ọdún kan láti ọjọ́ ikú kí ẹnikẹ́ni tó lè fi agbára mú yín pín in. Bí ẹ bá pín in tán tí olówó gbèsè mìíràn dé, ó lè bá ẹ̀yin olùmúṣẹ fúnra yín jà.

Ẹ kọ́kọ́ gba próbéètì, ìwé tí kóòtù fi ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó. Báǹkì kò ní tú owó sílẹ̀ láìsí i.

Ọmọ Peckham
Bàbá tèmi kò kọ ìwé, ó sì ní owó ní báǹkì níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé próbéètì Èkó ṣiṣẹ́ níbí?

Lọ́yà Òkè-Àdó
Ẹni tí kò kọ ìwé kì í gba próbéètì, ìwé àṣẹ ìbójútó ogún ló ń gbà. Bí Èkó bá ti fún yín, ẹ lè mú un lọ síbẹ̀ kí wọ́n tún fi èdìdì tiwọn lù ú. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1892 ló gbà á láyè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ìbéèrè méjì ló kù. Mo fẹ́ ra ilẹ̀ náà, kí n san mílíọ̀nù 12 fún àwọn tó kù. Àbúrò bàbá sì ti ń gba owó ilé Ìbàdàn láti oṣù mẹ́rin, ní báyìí wọ́n ní àwọn kò ṣe olùmúṣẹ mọ́.

Bàbá Adé
Ilẹ̀ bàbá rẹ ni. Ra nǹkan rẹ, ta ló máa dí ẹ lọ́wọ́?

Lọ́yà Òkè-Àdó
Rárá o. Olùmúṣẹ kì í ta nǹkan òkú fún ara rẹ̀, torí òun náà ló ń dá iye lé e. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ajogún lè ní kí kóòtù tú ọjà náà ká, bí iye náà tilẹ̀ tọ́. Ó lè ṣeé ṣe bí gbogbo àgbà tó ní ìpín bá mọ ohun gbogbo tí wọ́n sì gbà, tí ẹni tí kò mọ yín rí sì dá iye lé e. Ìṣòro yín ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọdé kò lè gbà. Bóyá ìgbàlayè ẹni tó ń bójú tó ogún bàbá wọn á tó, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Kóòtù ni mo máa lọ kí n tó san kọ́bọ̀.

Ti àbúrò bàbá: ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é lè kọ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Owó ilé tí wọ́n ti gbà ti mú wọn wọnú iṣẹ́ náà. Owó yẹn jẹ́ ti àbúrò yín obìnrin, láti ọjọ́ ikú bàbá, nítorí òun ni bàbá fún ní ilé. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n gbà, lọ́wọ́ ta ni àti ọjọ́ wo.

Ìyá Aláṣọ
Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yẹn o. Ẹ ní "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́," kí ẹ tó béèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mo gbọ́, Ìyá. Lọ́la ni mo máa gbé e lọ fún wọn fúnra mi.