Páálí bílẹ́ńdà 28 tí kò sí nínú ìwé kankan

Ìyá Adùnní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ọjà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, kálukú sọ ohun tójú ẹ̀ ti rí nígbà tí bíìlì ọ́fù lédíǹ, ìyẹn ìwé tí ọlọ́kọ̀ ojú omi fi gba ẹrù, àti pákíǹ lísìtì tó ń to ohun tó wà nínú páálí, ò bá ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá nínú kọ̀ǹtéénà mu. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Kọ̀ǹtéénà ẹlẹ́sẹ̀ 40 ni, bílẹ́ńdà ló kún inú ẹ̀, láti Ṣáínà wá sí èbúté Tinkáàn. Páálí 620 ló wà nínú bíìlì, 620 náà ló wà nínú pákíǹ lísìtì, mẹ́fà-mẹ́fà nínú páálí kan. Ìwé bá ìwé mu. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ka nọ́ńbà ara kọ̀ǹtéénà sókè, ẹ́jẹ́ǹtì mi ń fi ojú bá a lọ lórí ìwé. Ó ka ti síìlì náà kí wọ́n tó fi irin gé e. Méjèèjì pé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù sílẹ̀, ọmọkùnrin kan ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà márùn-ún-márùn-ún sára ilẹ̀kùn kọ̀ǹtéénà bí wọ́n ṣe ń kà á. Nígbà tí wọ́n kà á tán, 648 ni. Wọ́n tún un kà, 648 náà ni.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi ní Ṣáínà. Ó ní òun fi páálí 28 dípò àwọn tó bàjẹ́ nínú ẹrù tó kọjá ni, àti pé nígbà tí òun ò ti gba owó lórí ẹ̀, kí lòun fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé fún? Inú bí mi gan-an. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ò wo ti ẹ̀bùn rárá. Bílẹ́ńdà 168 wọlé láìsí nínú ohun tí a kéde, ó ní iye owó tó tó, ó sì ní dúùtì. Wọ́n kọ dẹ́bítì nóòtì fún wa, ìwé owó tí a gbọ́dọ̀ san kún un. Bí a ṣe ń sáré sókè sódò, owó ọgbà èbúté ń ga, dìmọ́réèjì, owó tàwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gbà tí kọ̀ǹtéénà wọn bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, náà ń ga.

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn nìyí: bíìlì lọ̀gá gbogbo ìwé. Tí nọ́ńbà kọ̀ǹtéénà àti ti síìlì bá ti pé, pákíǹ lísìtì ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ó sì máa ń wà lára bíìlì pé ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ló kó o, òun náà ló kà á. Ṣé ìyẹn ò ti bọ́ ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn yín ni?

Bọ̀dá Tinkáàn

Àbúrò, o gba ibì kan. Lóòótọ́, nọ́ńbà kọ̀ǹtéénà àti síìlì ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, tí ọ̀kan bá sì yàtọ̀, wọn ò tiẹ̀ ní ṣí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó o sọ yẹn, ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ń dáàbò bò. Títì ni wọ́n gbé kọ̀ǹtéénà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò rí inú ẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún un ló kọ. Ìdí nìyẹn tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò fi ní gba iye tó wà nínú bíìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé iye ẹ̀ nìyẹn.

Pákíǹ lísìtì ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Ó ń sọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí kọ̀ọ̀kan, irú ọjà tó wà nínú ẹ̀, iye ẹyọ, àti ìwọ̀n. Wọ́n á ní kí ẹ fa páálí tó wà lẹ́yìn pátápátá jáde, wọ́n á là á. Tí mẹ́fà bá wà lórí ìwé, tí mẹ́jọ jáde, wọ́n á là á sí i. Ohun tí wọ́n rí yẹn ni wọ́n ń fi wé èyí tí ẹ́jẹ́ǹtì tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nígbà tó ń kéde ọjà.

Màmá, ẹ dákun, kílò mélòó ni páálí kan? Kí sì ni VGM yín, ìwọ̀n tí wọ́n kéde fún kọ̀ǹtéénà náà lódindi?

Àǹtí Pẹ́kàmù

Èmi ò kó kọ̀ǹtéénà o, dúrọ́ọ̀mù ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sílé láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, títí kan ṣúgà. Síbẹ̀ wọ́n dá a dúró ní Apápá, wọ́n ní ẹrù ẹlòmíì tó wà nínú kọ̀ǹtéénà kan náà ò sí lórí ìwé. Ṣé ẹ̀mí dúrọ́ọ̀mù mi wá wà lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni?

Bọ̀dá Tinkáàn

Àǹtí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bíìlì kan ṣoṣo ló bo gbogbo kọ̀ǹtéénà yẹn, orúkọ ẹni tó kó ẹrù yín pọ̀ ló sì wà lórí ẹ̀. Ìwé tó fún yín, àárín ẹ̀yin méjèèjì ni.

Ìyá Adùnní

Bọ̀dá, kílò 15.2 ni páálí kan pẹ̀lú bílẹ́ńdà inú ẹ̀. Àpapọ̀ tó wà lórí bíìlì jẹ́ 9,424. VGM tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ǹtì mi, 13,650 ni.

Bọ̀dá Tinkáàn

Ẹ ṣé, Mà. Ẹ wò ó báyìí. Láti oṣù Keje ọdún 2016, kò sí kọ̀ǹtéénà tó gbọ́dọ̀ gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ti kéde ìwọ̀n ẹ̀. Òun là ń pè ní VGM, ìwọ̀n kọ̀ǹtéénà fúnra ẹ̀ sì wà nínú ẹ̀. Ìwọ̀n tó wà lórí bíìlì, ti ẹrù nìkan ni. Ìwọ̀n òfìfo kọ̀ǹtéénà ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn.

Ìyá Adùnní

Mo ní fọ́tò ẹ̀. 3,800.

Bọ̀dá Tinkáàn

Ẹ yọ 3,800 kúrò nínú 13,650, ó ku 9,850. Ẹ yọ 9,424 tó wà lórí bíìlì, ó ku kílò 426 tí ìwé kankan ò sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ wá fi 15.2 pín in. Páálí 28 ni, Màmá. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ṣáínà ló ti hàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an jù. Pákó tí wọ́n fi ń há ẹrù náà ń wúwo, àmọ́ pákó tí yóò tó 426 nínú ẹrù páálí, mi ò rí i rí. Ohun tó máa ń da èèyàn rú jù ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe VGM. Àwọn kan ń gbé kọ̀ǹtéénà tó ti kún sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀. Àwọn kan ń ro ìwọ̀n àwọn páálí pọ̀ mọ́ ti òfìfo kọ̀ǹtéénà. Tó bá jẹ́ pé orí pákíǹ lísìtì ni wọ́n ti ro ó, 13,224 ni yóò jáde, kò sì ní fi nǹkan kan hàn yín. Orí òṣùwọ̀n ni tiyín gùn.

Alhaja Apápá

Ọ̀rọ̀ síìlì tí ẹ mẹ́nu bà, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n ṣí kọ̀ǹtéénà mi ní èbúté tí wọ́n ti gbé e látinú ọkọ̀ kan sí òmíràn, wọ́n fi síìlì tuntun sí i, nọ́ńbà tàtijọ́ ló sì wà lórí bíìlì. Lẹ́tà ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ní nọ́ńbà méjèèjì ló yọ mí.

Ti páálí tó lé yìí, ká ní Ìyá Adùnní ti ṣe ìṣirò yìí ṣáájú ni, mo gbà pé kí ẹ́jẹ́ǹtì ṣàtúnṣe ohun tó kéde kí wọ́n tó ṣí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, dúùtì nìkan la san kún un.

Bọ̀dá Tinkáàn

Alhaja, kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èmi náà lọ jẹ́wọ́ fún oníbàárà mi kan, wọ́n ṣì kọ dẹ́bítì nóòtì, wọ́n ní Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí a ń ṣí ní báńkì ká tó kó ọjà wọlé, ò gba iye yẹn. Síbẹ̀ mi ò lè sọ pé kéèyàn dákẹ́.

Ọmọ Ìkòròdú

Tí wọ́n bá wá mú un kúrò ní ibodè láìṣí i ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú kọ̀ǹtéénà ò kúkú lè ka páálí.

Alhaja Apápá

Kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn bí ẹrù inú ẹ̀ bá ṣe yàtọ̀ síra. Ti Ìyá Adùnní, irú ọjà kan náà ni gbogbo ẹ̀, bóyá wọn ì bá má rí i. Ìyẹn ò ní kí n gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀.

Ìyá Adùnní

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Ẹrù mìíràn ń bọ̀ lọ́nà. Mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé tó bá fẹ́ fi nǹkan dípò, kó kọ ọ́ sí ìlà tiẹ̀ nínú ínfọ́ìsì, pẹ̀lú iye owó ẹ̀, kó tó di pé a ṣí Fọ́ọ̀mù M, kó sì gbé kọ̀ǹtéénà gun òṣùwọ̀n ọkọ̀. Ó ti gba ti ínfọ́ìsì. Ti òṣùwọ̀n ló ń ṣàríwísí, ó ní kò sí nítòsí. Níńgbò ní Ṣáínà ló ti ń kó o. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.